Bí A Ṣe Ń Túmọ̀ Àkọlé Kúkúrú Ojú Ọ̀nà àti Ẹnu Ṣọ́ọ̀bù

Àkọlé ọ̀rọ̀ méjì máa ń le láti túmọ̀ ju lẹ́tà ojú ewé méjì lọ. Nínú lẹ́tà, bí ọ̀rọ̀ kan bá rú wa lójú, èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e á là á fún wa. Pátákó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ti yọ orúkọ ẹni tó ń bá wí kúrò, ó ti yọ ọ̀rọ̀-ìṣe kúrò, nígbà mìíràn ó tiẹ̀ yọ ohun tó ń sọ̀rọ̀ lé lórí kúrò pẹ̀lú, torí ó mọ̀ pé ẹni tó bá dúró níwájú pátákó náà á fojú ara rẹ̀ rí ìyókù. Nítorí náà, iṣẹ́ tó wà níwájú olùtumọ̀ ni pé kó wá àwọn ohun tí wọ́n yọ kúrò yẹn kàn kó tó fọwọ́ kan ìwé atúmọ̀ èdè.

Ọ̀rọ̀ Jámánì kan ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ jù, ìyẹn "frei", torí pé ó wà káàkiri lójú ọ̀nà àti lẹ́nu ilé ìtajà ní Jámánì, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó ń ṣi àlejò lọ́nà tó o níbẹ̀. Tí ẹ bá wá a nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ ó rí òmìnira, ọ̀fẹ́, òfìfo, àti ohun tí kò ní ìdíwọ́. Gbogbo wọn ló tọ̀nà. Èyí tó bá pátákó iwájú yín mu nìkan ni kò sí nínú ìwé.

Ẹ ya àwòrán gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn sún mọ́ pátákó títí tí lẹ́tà á fi kún ojú fóònù, kó wá ya á. Nígbà tó bá dé ibi tó fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, ohun tí ì bá ràn án lọ́wọ́ ti wà lẹ́yìn àwòrán. Ẹ ya méjì. Kí àkọ́kọ́ jìnnà díẹ̀, kó mú òpó látòkè délẹ̀, pátákó mìíràn tó bá wà lórí òpó kan náà, ọfà tó bá ń tọ́ka sí ibì kan, àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀: ẹnu ọ̀nà ni, géètì ni, ojú fèrèsé ni, àbí pápá. Kí èkejì sún mọ́ra, kí lẹ́tà hàn ketekete.

Àwòrán tó jìnnà yẹn nìkan ló lè yanjú ọ̀ràn bí èyí. Ní Faransé, tí wọ́n bá ń fi lẹ́tà ńlá kọ̀wé, wọ́n sábà máa ń fi àmì orí lẹ́tà sílẹ̀. Tí pátákó bá wá ka "FERME", ó lè jẹ́ "ferme", ìyẹn oko, ó sì lè jẹ́ "fermé", ìyẹn pé ibẹ̀ wà ní títì. Lẹ́tà kò ní sọ èyí tó jẹ́ fún yín. Bí ó bá wà lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú ọfà tó kọjú sí ọ̀nà kékeré kan, oko ni. Bí wọ́n bá so ó mọ́ ẹ̀yìn gíláàsì ilẹ̀kùn, wọ́n ti tì. Ẹni tó ya ọ̀rọ̀ nìkan ti sọ ìdáhùn rẹ̀ nù.

Ẹ da á kọ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tí ìlà ti gé, ẹ kọ àmì ìdánudúró, ẹ sì kọ irú lẹ́tà tí wọ́n lò, ńlá tàbí kékeré. Nínú èdè Jámánì, lẹ́tà ńlá ni gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí "Anlieger frei", ẹ ti mọ̀ kíá pé èyí àkọ́kọ́ jẹ́ orúkọ ẹnìkan tàbí nǹkan kan, àti pé èkejì ń sọ ipò tí ẹni náà tàbí nǹkan náà wà. Ẹ̀bùn ńlá nìyẹn fún ẹni tí kò gbọ́ èdè náà. Tí wọ́n bá fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo rẹ̀, ẹ̀bùn náà ti lọ nìyẹn, "ß" pàápàá sì sábà máa ń di "SS", ẹ sì gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn tí ìwé atúmọ̀ èdè bá ní òun kò mọ ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ gígùn kò yẹ kó dẹ́rù bà yín. Jámánì máa ń lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀, èyí tó gbẹ̀yìn ni olórí, àwọn tó ṣáájú ń ṣàlàyé rẹ̀. "Einbahnstraße" parí sí "straße", ojú ọ̀nà. Irú ojú ọ̀nà wo? Èyí tí ọkọ̀ kì í gbà ju apá kan lọ. Àwọn àlejò kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ rí bí orúkọ òpópónà tí wọ́n páàkì sí. Ọ̀nà láti yẹra fún ìyẹn rọrùn: ara ọfà funfun tó wà nínú pátákó búlúù ni wọ́n ń kọ "Einbahnstraße" sí, orúkọ òpópónà sì ní pátákó tirẹ̀ tó yàtọ̀. Bákan náà ni "Ausfahrt" tó ń jáde lemọ́lemọ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ wọn: ibi tí a ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà ni, kì í ṣe ìlú kan tó tóbi ju gbogbo ìlú lọ.

Ẹ ka ìrísí kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀

Ní 1968, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Vienna lórí bí àmì ojú ọ̀nà ṣe gbọ́dọ̀ rí. Kì í ṣe gbogbo ayé ló wà níbẹ̀, àmọ́ ó kárí púpọ̀ nínú ilẹ̀ Yúróòpù àti ọ̀pọ̀ ibòmíràn. Lábẹ́ àdéhùn yẹn, igun mẹ́ta tó ní etí pupa ń kìlọ̀, òbìrí tó ní etí pupa ń ka nǹkan léèwọ̀, òbìrí búlúù sì ń pàṣẹ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣe. Èyí túmọ̀ sí pé kí ẹ tó ka lẹ́tà kan, ẹ ti mọ irú gbólóhùn tí ẹ ń wá: ìkìlọ̀, èèwọ̀ tàbí àṣẹ. Bí ìtumọ̀ tí ẹ rí bá jẹ́ ìkíni káàbọ̀, tó sì wà nínú òbìrí pupa, ìtumọ̀ náà kò lè tọ̀nà.

Pátákó pẹlẹbẹ kékeré tí ń bẹ lábẹ́ àmì ńlá yẹ fún àkíyèsí tó pọ̀ jù. Ní Jámánì, ó máa ń jẹ́ funfun pẹ̀lú etí dúdú àti lẹ́tà dúdú. Kò dá dúró. Ó jẹ́ ìyókù gbólóhùn tí àmì òkè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láé láì kọ́kọ́ sọ ohun tí àmì òkè wí ní gbólóhùn kíkún. "Bei Nässe" kò ju "nígbà tí nǹkan bá tutù" lọ, kò sì sí ohun tí awakọ̀ lè fi ìyẹn ṣe. Nígbà tí òbìrí pupa tó ní 80 nínú bá wà lórí rẹ̀, ó di: "Bí ojú ọ̀nà bá tutù, ẹ má ṣe sáré ju 80 lọ."

Ẹ jẹ́ kí a tú pátákó kan palẹ̀

Ọ̀nà kékeré kan ni, òpó kan wà ní ẹnu rẹ̀. Lókè òpó náà ni òbìrí funfun kan wà tó ní etí pupa, kò sí àwòrán kankan nínú rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni pátákó funfun pẹlẹbẹ kan wà, "Anlieger" lókè, "frei" nísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wá ọ̀rọ̀ méjèèjì nínú ìwé á rí nǹkan bíi "ará àdúgbò" àti "òmìnira". Ẹ ò rí i pé ó fẹ́ dà bí ìpolongo òṣèlú!

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Òbìrí pupa ń ka nǹkan léèwọ̀. Kí ló ń kà léèwọ̀? Bí àwòrán ọkọ̀ ẹrù bá wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ ẹrù nìkan ló kàn. Nígbà tó jẹ́ òfìfo, gbogbo ọkọ̀ ló kàn, títí dórí kẹ̀kẹ́ tí ènìyàn ń gùn. Gbólóhùn òkè nìyí, nígbà náà: "Ọkọ̀ èyíkéyìí kò gbọdọ̀ wọ ibí."

Ẹ wá bọ́ sí "frei". Ẹ mú ìtumọ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi dán gbólóhùn òkè yẹn wò. Ṣé ọ̀fẹ́ ni? Kò sí ẹni tó ń gba owó níbẹ̀, a kò lè sọ pé àwọn kan ò ní san án. Ṣé òfìfo ni? Ènìyàn kì í ṣófo. Èyí tó kù ni pé nǹkan kan kò de ẹni náà mọ́lẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo tó sì wà nítòsí tó lè dè é ni èèwọ̀ òkè. "Frei" níbí túmọ̀ sí pé òfin tó wà lókè kò mú un.

Ó wá ku "Anlieger". Ìwé atúmọ̀ èdè máa ń sọ pé ẹni tó ń gbé tàbí tó ní ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà náà ni. Ìyẹn tọ̀nà, àmọ́ kò tán síbẹ̀, ibí sì ni ìtumọ̀ tó dára ti ń yàtọ̀ sí èyí tó kàn tọ́. Bí wọ́n ṣe ń lo òfin náà ní Jámánì, ẹni tó fẹ́ lọ kí ẹnìkan tó ń gbé níbẹ̀, tàbí tó fẹ́ gbé ẹrù fún un, lè wọlé pẹ̀lú. Ẹni tí wọ́n ń lé ni ẹni tó fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe àbùjá. Nítorí náà, bí àlejò bá ní ilé tó fẹ́ sùn sí nínú òpópónà náà, tó sì rí "ará àdúgbò nìkan", á yí ọkọ̀ padà láìnídìí. Ohun tí màá kọ nìyí:

"Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gba ibí, àfi ti ẹni tó ń gbé ní òpópónà yìí tàbí tó ní ohun tó fẹ́ ṣe níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ méjì di méjìlélógún. Kò burú. Awakọ̀ tó bá kà á mọ ohun tó kàn án láti ṣe, ìyẹn sì ni òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn irú ìtumọ̀ yìí. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé àwọn Faransé máa ń kọ "sauf riverains" sí irú ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò jọ ti Jámánì rárá: ọ̀kan ní òfin kò mú wọn, èkejì ní àyàfi àwọn. Síbẹ̀ Yorùbá tó jáde látinú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, torí pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe lábẹ́ òbìrí pupa.

Ẹ fi àwòrán kẹ̀kẹ́ tó ní "frei" lábẹ́ dán ọ̀nà yìí wò. Tó bá wà lábẹ́ òbìrí pupa tó ní ọ̀pá funfun ní ìbú, ìyẹn àmì má wọlé, ó ń sọ pé ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lè wọ ọ̀nà náà láti apá tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gbà wọ̀ ọ́. Tó bá wà lábẹ́ òbìrí búlúù tó ní àwòrán ẹlẹ́sẹ̀, ó ń sọ pé kẹ̀kẹ́ lè gba ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, àmọ́ kó máa rọra lọ bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Pátákó kékeré kan náà ni, gbólóhùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nígbà tí kò sí àmì lókè

Pátákó ẹnu ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù kì í sábà ní àmì lókè, nítorí náà ohun tí wọ́n gbé e kọ́ sí ló ń ṣe iṣẹ́ àmì. "Zimmer frei" lójú fèrèsé ilé kan ń sọ pé yàrá ṣì wà fún ẹni tó fẹ́ sùn. Kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni, ẹ ó sanwó. "Eintritt frei" lẹ́nu ibi ìpàtẹ ń sọ pé a kì í sanwó wọlé. "Einfahrt freihalten" lára géètì ń sọ pé ẹ má dí ẹnu ọ̀nà yìí, ìyẹn ni pé ẹ má páàkì síwájú rẹ̀. Bí "frei" bá sì lẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀rọ̀ mìíràn, ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn dárúkọ ni kò sí níbẹ̀: "barrierefrei" ń sọ pé kò sí ìdínà fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi níwájú irú àkọlé bẹ́ẹ̀ ni pé: ta ló fẹ́ kí n ṣe kí ni, kí sì ni yóò bí i nínú bí n kò bá ṣe é? Onílé tó kọ nǹkan sára géètì rẹ̀ ń bínú sí ọkọ̀ tó dí i lọ́nà. Ẹni tó kọ nǹkan sójú fèrèsé yàrá ń wá oníbàárà. Ìtumọ̀ tó bá ìfẹ́ ọkàn ẹni tó kọ ọ́ mu ni ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú.

Àkókò ni ohun tí wọ́n máa ń yọ kúrò jù lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wo bí Faransé ṣe ń kọ ọ́. "Fermeture annuelle" wulẹ̀ ń sọ pé wọ́n ti lọ fún ìsinmi ọdọọdún wọn, wọ́n ń bọ̀. "Fermeture exceptionnelle" ń sọ pé wọn ò ṣí ní ọjọ́ kan tó yẹ kí wọ́n ṣí, torí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. "Fermeture définitive" ni èyí tí kò ní àtúnṣí. Ẹni tó bá túmọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí "a ti tì" kò parọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun padà wá lọ́la kò rí nǹkan mú nínú rẹ̀. Bákan náà ni "Montag Ruhetag" ti Jámánì: ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ìsinmi ṣọ́ọ̀bù náà. Kì í ṣe ọjọ́ Ajé yìí nìkan, gbogbo ọjọ́ Ajé ni, nítorí náà ẹ kọ ọ́ báyìí: "A kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé." Ẹ wo bí "kì í" ṣe gbé gbogbo rẹ̀.

Ní Jàpáànù, ẹ ó rí "準備中" lẹ́nu ilé oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ń sọ pé ìmúrasílẹ̀ ń lọ lọ́wọ́, ẹni tí ebi ń pa sì lè rò pé wọ́n ń se oúnjẹ rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó ń sọ ni pé wọn ò tíì ṣí. Èyí tó ń sọ pé wọ́n ti ṣí ni "営業中". Ẹni tí kò lè tẹ irú lẹ́tà yìí lè fi ìka yà á sójú fóònù, torí pé bọ́tìnnì ìkọ̀wé èdè Jàpáànù kan wà fún ìyẹn. Ohun tó tún ṣeé ṣe ni pé kí ẹ fi méjèèjì wéra: lẹ́tà tó gbẹ̀yìn jọra, ó ń sọ pé nǹkan kan ń lọ lọ́wọ́, méjì àkọ́kọ́ ló yàtọ̀. Wọ́n sì máa ń wà ní iwájú àti ẹ̀yìn pátákó kan ṣoṣo tí wọ́n ń yí padà, ìyẹn pàápàá ti fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ìró tún lè ṣini lọ́nà. Lára ilẹ̀kùn ní ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè Potogí, "puxe" ń sọ pé kí ẹ fà á, bẹ́ẹ̀ ìró rẹ̀ sún mọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ pé kí a tì í. N kò ní ìmọ̀ràn lórí ìyẹn ju pé kí ẹ kọ́ ọ sórí.

Ọjọ́ iṣẹ́ wo?

Ibi tí àṣìṣe ti ń náni lówó jù ni ibi ìpáàkì. "Werktags" lábẹ́ àmì ìpáàkì ní Jámánì jọ ọjọ́ iṣẹ́, ọ̀pọ̀ sì máa ń ka ọjọ́ iṣẹ́ sí ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Níbẹ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta wà lára rẹ̀. Ní Ítálì, wọn ò tiẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kankan: òòlù méjì tó gbé ara wọn lágbèékà dúró fún ọjọ́ iṣẹ́, Àbámẹ́ta wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, àgbélébùú sì dúró fún ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi. Nítorí náà, ẹ má kọ "lọ́jọ́ iṣẹ́" sínú ìtumọ̀ yín. Ẹ kọ "láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, àyàfi ọjọ́ ìsinmi", kí ẹni tó fẹ́ páàkì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta lè mọ ibi tí òun dúró sí.

Ìdánwò ìkẹyìn, àti ohun tí ẹ ó ṣe bí ó bá kù méjì

Tí ẹ bá ti ní ìtumọ̀, ẹ wá odindi àkọlé náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nínú àmì àyọlò, kí ẹ sì wo àwòrán tó bá jáde. Bí irú òpó kan náà, àmì kan náà àti irú ibì kan náà bá ń jáde, àkọlé tó wọ́pọ̀ ni, àlàyé rẹ̀ á sì wà níbìkan nínú èdè tó ni ín. Bí kò bá sí èyí tó jáde rárá, ẹ tún lẹ́tà yẹ̀ wò; ó lè jẹ́ pé ẹ ṣì í dà kọ, tàbí kó jẹ́ orúkọ ènìyàn tàbí ti ṣọ́ọ̀bù, tí kò yẹ kí ẹ túmọ̀ rárá.

Nígbà mìíràn, ìtumọ̀ méjì á ṣì kù. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn: "Bó bá wà lára ilẹ̀kùn, wọ́n ti tì, bó bá ní ọfà, oko ni." Bí ẹ bá ń túmọ̀ fún ẹlòmíràn tó fi àwòrán ránṣẹ́, ìbéèrè yẹn gan-an ni kí ẹ bi í, kì í ṣe "níbo lo ti rí i?" tó fẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ wà nínú ọkọ̀, tí kò sí ẹni tí ẹ lè bi, ẹ ṣe bí ẹni pé èyí tó le jù nínú méjèèjì ni òótọ́: ẹ má wọlé, ẹ má páàkì, ẹ wá ibòmíràn.